Sí dìsáínà wa: orúkọ tí a ń wá fún àpótí oògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti bá wa wá orúkọ. Ẹ ti rí ọjà náà fúnra yín: àpótí pẹlẹbẹ tó ní ihò mẹ́rìnlá, méje fún àárọ̀, méje fún alẹ́. Tí àkókò bá tó, iná kékeré á tàn lórí ihò tó kàn, àpótí á dárúkọ ara rẹ̀, á sì sọ pé ó tó àsìkò oògùn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 30, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ sórí fóònù ọmọ tàbí ẹbí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé pé etí àgbàlagbà ni orúkọ yìí yóò kọ́kọ́ dé, kí ó tó dé ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí a ń ṣe é fún ni ẹni ọdún 65 sókè tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, hóró mẹ́ta sí mẹ́fà lójúmọ́. Orí rẹ̀ pé. Ó ń dá gbé, tàbí kí ó máa gbé pẹ̀lú ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kò fẹ́ kí àlejò mọ ohun tó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni orí tábìlì tí àlejò ń jókòó tì ni àpótí yìí máa wà. Nítorí náà, kí orúkọ tó wà lórí ìdérí má tú àṣírí àìsàn rẹ̀.

Ẹni kejì ni ọmọ rẹ̀, ẹni bí ọdún 30 sí 50, tó máa sanwó, tó máa to áàpù sórí fóònù, tó sì lè wà ní ìlú mìíràn. Òun ló máa tẹ orúkọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni apoògùn àti nọ́ọ̀sì, tí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó ń kánjú. Bí ohun tó wu ọmọ bá ta ko ohun tó rọ ìyá lọ́rùn, ti ìyá ni kí ẹ mú. Orúkọ tó rẹwà lójú fóònù àmọ́ tí ìyá ò lè pè, "nǹkan yẹn" ni ìyá á máa pè é, owó tí a ná sórí orúkọ ti wọgbó nìyẹn.

Ní ti bó ṣe yẹ kó rí lọ́kàn, ọ̀wọ̀ ni a ń wá. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́, tó rọra wọlé, tó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti tó àkókò," tó sì dúró títí wọ́n fi gbé omi mì. Kò pariwo, kò bá wọn wí, kò sì ṣe bí ẹni ń tọ́jú ìkókó. Orúkọ tó ń pàṣẹ kò ní ṣe é. "Má Gbàgbé" ti fẹ̀sùn kan ẹni kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ bí ohun ìṣeré, irú èyí tó ń pe sílébù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á mú kí àgbàlagbà rò pé a ti sọ òun di ọmọdé. Èyí tó ń rùn bí ilé ìwòsàn náà, a ò fẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí "Ìrántí" ti wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Orí ìwé ìrántí olóògbé ni àwọn àgbà ti máa ń rí ọ̀rọ̀ yẹn jù. Ẹ wo ẹni ọdún 78 tó jí láàárọ̀ tó bá a lórí àpótí oògùn rẹ̀. "Ìlera" kò burú létí, ṣùgbọ́n ọjà gbogbo ló ń jẹ́ ẹ.

Orúkọ Yorùbá kì í ṣe dandan, bó tilẹ̀ wù wá. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ rántí pé òun yóò máa rìn káàkiri láìní àmì ohùn, láìní àmì abẹ́. Àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wa kò ní ní in, orúkọ tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé wọlé kò sì gbà á. Ẹ wo "Ọ̀wọ̀", tó jẹ́ pé òun gan-an ni ohun tí a ń wá. Bọ́ ọ láṣọ, OWO ló kù. Ẹnì kan á kà á sí owó, ẹlòmíì á kà á sí ọwọ́, ẹlòmíì á ní ìgbálẹ̀ ni. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń jẹ́ OWO wá wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé "ẹ ṣí i báyìí": ọmọ á ní gbájúẹ̀ ni, á pa á rẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì tíì lo oògùn. Gbogbo orúkọ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ láṣọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kà á. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ mọ́ owó, ikú, èébú tàbí ìhòòhò, ẹ jù ú nù.

Etí wá ń kọ́? Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ìró tó ga ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ létí rẹ̀. Ìró s, f àti ṣ wà lára wọn, t àti k náà kì í pẹ́ di ohun tí a ń fura sí. Fáwẹ́lì, àti kọ́ńsónáǹtì bíi m, n, b, d, l, máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ kọ́ orúkọ lé àwọn wọ̀nyí. Gbohùngbohùn inú àpótí kéré gan-an, kò lè gbé ìró tó wúwo púpọ̀, nítorí náà kí fáwẹ́lì tó gba ohùn òkè nínú orúkọ jẹ́ èyí tó ṣí ẹnu, bíi a, e tàbí o. Sílébù méjì tàbí mẹ́ta ni a fẹ́. Ọ̀kan kò tó: ariwo tẹlifíṣọ̀n á gbé e mì kí etí tó dé ibẹ̀. Mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Èdè márùn-ún ni a ti ka ohùn àpótí sí: Yorùbá, Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Orúkọ kan náà ni yóò jẹ́ nínú gbogbo wọn. Ẹ yẹra fún gb, àti p ti Yorùbá, nítorí ẹni tí a kò bí sí i kì í lè pè wọ́n. Ẹ yẹra fún h níbẹ̀rẹ̀, Faransé àti Potogí kì í pè é. Ẹ yẹra fún j àti r náà bó bá ṣeé ṣe, nítorí bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń pè wọ́n yàtọ̀ síra. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe máa ń rí, gbogbo ẹnu ni èyí rọ̀ mọ́.

Ibi tí a kò ní gbà kí ẹ yà sí rárá ni orúkọ tó jọ ti oògùn. Ní Amẹ́ríkà, oògùn inú kan wà tó ń jẹ́ Losec. Àwọn ènìyàn ń ṣì í mú pẹ̀lú Lasix, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, títí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà sí Prilosec ní 1990. Inú àpótí wa ni oògùn gidi máa wà, nítorí náà ewu yẹn sún mọ́ wa ju ẹlòmíì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yà sọ́tọ̀ fún ìdílé oògùn kọ̀ọ̀kan, ìpàdé rẹ̀ ní 1993 sì rọ àwọn ìjọba kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fi wọ́n sọ ọjà lórúkọ. Àwọn tí oníbàárà wa ń lò jù nìyí, kí wọ́n má sì hàn nínú orúkọ kankan: pril, sartan, olol, dipine, statin, gliptin. Ẹ má fi nọ́ńbà sí i pẹ̀lú. Ẹni tó rí 2 lórí àpótí oògùn lè rò pé hóró méjì ni kí òun lò. Lẹ́tà X náà, ẹ̀yin ẹ fi í sílẹ̀, nítorí wọ́n ń fi í kọ iye ìgbà. Kí orúkọ má sì ṣèlérí: "ìwòsàn", "àjídèwe", "ẹ̀mí gígùn". Àpótí kì í wo àìsàn sàn, àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó oògùn á sì bi wá.

Ní ti gígùn, lẹ́tà mọ́kànlá ni òpin, nítorí iye tí orúkọ olùfiránṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lè gbà nìyẹn. A fẹ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Ààyè orí ìdérí fẹ̀ tó mìlímítà 42, a kò sì fẹ́ kí gíga lẹ́tà ńlá dín sí mìlímítà 6. Lẹ́tà mẹ́jọ ló máa wọ ibẹ̀ láìfún ara wọn lọ́rùn. Ẹ ṣọ́ra fún I ńlá àti l kékeré tó jọra, àti fún rn tó máa ń di m lójú ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Kí dáàṣì má sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ lórí fóònù kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹlòmíì bá ti gba àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tó bá orúkọ kan mu, ẹ má torí ẹ̀ jù ú nù, a lè fi ọ̀rọ̀ kan kún àdírẹ́sì.

Lọ́yà wa yóò wá orúkọ náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà, ní ìpín 9 fún áàpù, ìpín 10 fún irinṣẹ́ ìṣègùn, àti ìpín 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ta oògùn, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ oògùn ń gbé. Ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà, bíi "Àpótí Oògùn", kì í sábà ṣeé fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ti ẹnì kan. Èyí tó ń tọ́ka láìsọ ọ́ tán, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá tuntun, ló máa ń dúró.

Orúkọ 12 ni kí ẹ fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi 50 ránṣẹ́, àyẹ̀wò wa á kàn fúyẹ́ ni. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú lẹ́tà dúdú lórí funfun, láìsí lógò, láìsí àwọ̀, ní gíga mìlímítà 6. Kí ìtumọ̀ rẹ̀ àti gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kà á wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ohùn yẹn la máa lò. A óò pe àgbàlagbà mẹ́wàá lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pè é padà fún wa. Orúkọ tí iye àwọn tó pè é dáadáa kò bá pé mẹ́jọ ti kúrò nìyẹn, bó ti wù kó dùn tó lójú wa. Lọ́jọ́ kejì, a óò tún pè wọ́n láìdárúkọ, ká béèrè ohun tí wọ́n rántí. Mẹ́rin tó bá ṣẹ́kù la máa gbé fún lọ́yà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ìkankan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lógò títí a ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Bí ẹ bá rí orúkọ kan tó rú òfin kan nínú èyí tí a kọ sókè, tí ọkàn yín sì sọ pé ó dára gan-an, ẹ fi ṣe ìkẹtàlá, kí ẹ sì sọ òfin tó rú. Òfin orúkọ oògùn àti ti nọ́ńbà nìkan ni a kò ní gbọ́ àwíjàre lórí wọn.

A ń retí yín. Ẹ kú làálàá.