Lẹ́tà sí Ọ̀gá Ọlọ́jà Lórí Mísà Ẹ̀rọ Ohùn Ìjọ Wa Tó Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀ka Ẹ̀rọ Ohùn,
Ilé Ìjọsìn wa, Òkè-Àdó,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
14 oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Ọ̀gá Olùtajà Ẹ̀rọ Ohùn,
Ọjà Alábà, Òjó,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n,

MÍSÀ TÍ A RÀ NÍ 20 OṢÙ KẸSÀN-ÁN: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ BÁ WA PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ẹ kú ọjà o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn nínú ìjọ wa, èmi náà ni mo wá ra mísà oníṣánẹ́ẹ̀lì 16 lọ́wọ́ yín ní ₦685,000. Mísà náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ lò ó, òmíràn tó jẹ́ tuntun la sì ń fẹ́ kí ẹ fún wa.

Ibi méjì ló ti ń yọ wá lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni iná fóòtì 48 tí mísà máa ń gbé gba inú wáyà lọ bá máìkì kọndẹ́nsà. Ní ṣánẹ́ẹ̀lì 1 sí 8, iná yìí pé. Ní 9 sí 16, níbi tí a so máìkì àwọn akọrin mọ́, máìkì kò gbé ohùn kankan. Mo fi mítà wọn ihò kọ̀ọ̀kan, láti pínnì kejì sí ìkíní, àti láti ìkẹta sí ìkíní: mẹ́jọ àkọ́kọ́ fún mi ní fóòtì 47 sí 48, mẹ́jọ tó kù kò kọjá 11. Máìkì tí kì í gba iná lára mísà, irú èyí tí pásítọ̀ ń mú lọ́wọ́, ń dún ketekete ní àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà, nítorí náà iná fóòtì 48 yẹn gan-an ni kò dé ibẹ̀.

Ìkejì ló dùn mí jù. Bí mísà bá ti wà lórí iná fún bí ogójì ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ sì gbóná, ojú ìjáde ohùn apá òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í há, á sì pa lójijì. Àárín ìwàásù ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Apá òsì yẹn ni àwọn ìyá àgbà máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ríran ka Bíbélì mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sílé, ọjọ́ náà wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mo pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Mo mú wáyà apá ọ̀tún wá sí òsì, àìsàn náà sì bọ́ sí sípíkà ọ̀tún, èyí tó fi hàn pé sípíkà àti ẹ̀rọ tó ń gbé e kò lẹ́bi. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì PFL láti fi etí gbọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn mọ́. Lẹ́yìn ibi tí ohùn ti pàdé pọ̀ ni ìṣòro wà, nínú mísà fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè iná ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Sìtébíláísà ni a fi ń lo mísà yìí, mítà sì ka fóòtì 224 nígbà tó ń há. A kò so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò tú u, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ìdè ìdí rẹ̀ ṣì wà ní pípé.

Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rìsíìtì yín pé ọjà tí a rà ní pípé kò ṣeé dá padà. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ èyí kò pé nígbà tí a rà á, bẹ́ẹ̀ la kò rí i dán wò pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àìsàn rẹ̀ kì í yọjú àfi tó bá gbóná. Ìwé gàrántì ọdún kan tó wà nínú páálí fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí pípààrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní ká gbé e fún oníṣẹ́ kó lọ fi irin jó o. Owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá, títí kan èyí tí àwọn ìyá àgbà yẹn tú lápò, la fi ra ohun tuntun, kì í ṣe ohun tí a tún ṣe.

Ìdúpẹ́ Ìkórè wa bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù kọkànlá. Mo bẹ̀ yín kí mísà tuntun ti wà lọ́wọ́ wa kí oṣù yìí tó parí, kí àwọn akọrin lè fi ṣe ìgbáradì. Bí irú rẹ̀ bá ti tán lọ́wọ́ yín, a ó gba òmíràn tó bá a dọ́gba, tí iná fóòtì 48 rẹ̀ dé gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ dá owó wa padà.

Mo ti kó mísà náà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a wá, mo sì ṣe tán láti gbé e wá sí Alábà lọ́jọ́ tí ẹ bá dá. Ẹ jẹ́ ká jọ tan án sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Bákan náà ni màá fẹ́ ká ṣe fún tuntun kí n tó gbé e lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀dà rìsíìtì àti ìwé gàrántì wà nínú àpò ìwé yìí, pẹ̀lú àwòrán ojú mítà ní ṣánẹ́ẹ̀lì 4 àti 12. Nọ́ńbà tí ẹ fi máa ń pè mí kò yí padà. Mo ń retí yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Káyọ̀dé,
Ẹ̀ka Ẹ̀rọ Ohùn.