Oúnjẹ fún Ẹni Tí Àìsàn Kíndìnrín Ń Bá Fínra

Ẹ̀yin aláìsàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ kò tíì máa fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ la kọ ìwé yìí fún. Ẹran àti ẹja tí ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílò pọ̀ ju èyí tó wà nínú ìwé yìí lọ. Kí ó gba ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Iyọ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Iyọ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú. Gbogbo èyí tí ẹ óò jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó ju ṣíbí tíì kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú lọ (gíráàmù 5), ti inú mágí, búrẹ́dì àti núdù sì wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń dáná bu ọbẹ̀ tiyín sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí ti ará ilé. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti efinrin kò ní jẹ́ kó tẹ́. Ẹ má fi káún se ewédú tàbí ẹ̀wà.

Iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ sá fún un! Pòtásíọ̀mù ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí kíndìnrín kò bá rí i tọ̀ dànù, ó lè da ìlù ọkàn rú.

Ìwọ̀n inú àwo

Àmàlà, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì: ìkúùkù yín kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹran tàbí ẹja: ìwọ̀n páálí ìṣáná kan lọ́sàn-án, kan lálẹ́. Láàárọ̀, ẹyin kan tàbí mọ́ínmọ́ín kékeré kan pẹ̀lú ẹ̀kọ tó tó yín. Bí ẹ bá jẹ wàrà, ẹ yọ ẹran kúrò. Ẹ má jẹ ẹ́ lé e. Mínírà dúdú kò sí fún yín rárá.

Bí àyẹ̀wò bá ní pòtásíọ̀mù yín ga

Bí kò bá ga, ẹ má fi ebi èso pa ara yín. Bó bá ga, ẹ bó iṣu, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi púpọ̀, kí ẹ da omi náà nù. Iṣu sísun kò ní àǹfààní yìí. Ẹ bọ tẹ̀tẹ̀ bákan náà, kí ẹ sì fún un dáadáa. Ẹ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn àti tìmátì alágolo kù. Ní àsìkò mángòrò (a mọ̀ pé kò rọrùn nílùú yìí), ìdajì kékeré kan tó fún ọjọ́ kan. Ọ̀pẹ̀yìnbó sàn jù ú lọ. Ẹ má jókòó ti kaṣú.

Omi àti àgbo

Mímu omi rẹpẹtẹ kì í fọ kíndìnrín. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí tí ìtọ̀ ń dín kù, dókítà ni yóò sọ iye píọ̀ wọ́tà tí ẹ lè mu. Ògì àti tíì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ má mu àgbo, ẹ má sì ra oògùn ara ríro fúnra yín.

Bí ara bá ṣàdédé rọ, tàbí tí àyà ń lù kìkì, ẹ wá sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru.