Nóòtì Jẹnẹ́tíìsì Tí Mo Tún Tò Fún Ìdánwò: Mẹ́ńdẹ̀lì, Jẹnotáìpù àti Bùláàdì Gúrúùpù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì. Nóòtì tí mo ṣèlérí rèé. Nóòtì tèmi, ti yàráméètì mi àti àwọn fótò bọ́ọ̀dù tí ẹ jù sórí Wásáàpù ni mo kó pọ̀, ó sì gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta gbáko níbí ní Ọ̀bà-Ilé torí wọn ò mú iná wá dáadáa. Tèmi gan-an ò ṣeé kà, ọfà ń lọ ọfà ń bọ̀, mo kọ "alíìlì" sójú ewé kẹta, ìtumọ̀ rẹ̀ wá wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò. Ibi tí nóòtì wa ti ta kora, mo kọ ÀTÚNṢE síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó.

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lórí

*Jíìnì*: apá kan lára DNA tó gbé àṣẹ nǹkan kan tí ara máa ṣe. Orí kromosóòmù ló ń jókòó sí. Èèyàn ní kromosóòmù 46, ìyẹn méjìméjì lọ́nà 23, bàbá mú ìdajì wá, ìyá mú ìdajì wá.

*Alíìlì*: oríṣi tí jíìnì kan lè jẹ́. Jíìnì hẹmoglóbíìnì kan náà ni, àmọ́ ó lè jẹ́ A, ó lè jẹ́ S, ó lè jẹ́ C.

*Jẹnotáìpù*: alíìlì méjì tí èèyàn gbé sára, bíi AS. *Fẹnotáìpù*: ohun tó hàn síta tàbí tí tẹ́ẹ̀sì lè rí, bíi gígùn, àwọ̀, irú ẹ̀jẹ̀.

*Homosáígọ́ọ̀sì*: alíìlì méjèèjì bára mu (AA, SS). *Hẹtirosáígọ́ọ̀sì*: wọn ò bára mu (AS).

*Dómínáǹtì*: alíìlì tó máa hàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló wà. *Risẹ́sífù*: èyí tó máa ń fara pamọ́ àfi tó bá pé méjì. *Kodómínáǹtì*: méjèèjì hàn pọ̀, ẹnì kan ò bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀.

2. Mẹ́ńdẹ̀lì àti ẹ̀wà rẹ̀

Gregor Mendel, àlùfáà ní ìlú Brno, ló gbin ẹ̀wà písì fún ọdún mélòó kan, ó ka iṣẹ́ náà fáwọn èèyàn ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan títí di 1900, ìgbà yẹn ó ti kú láti 1884.

Ohun tó ṣe: ó mú èyí tí hóró rẹ̀ rí róbótó àti èyí tí hóró rẹ̀ hunjọ, ó so wọ́n pọ̀. Ìran kìíní, gbogbo rẹ̀ róbótó. Ó wá jẹ́ kí ìran kìíní yìí bá ara wọn bímọ, èyí tó hunjọ tún yọjú: 5,474 róbótó, 1,850 hunjọ. Ẹ fi 5,474 pín sí 1,850, ẹ máa rí 2.96, ìyẹn mẹ́ta sí ẹyọ kan. Nínú fótò bọ́ọ̀dù tó wà lórí Wásáàpù, nọ́ńbà 1,850 yẹn ti parẹ́ di 1,350. ÀTÚNṢE: 1,850 ni.

Òfin kìíní (ìpínyà): alíìlì méjèèjì máa ń pínyà nígbà tí àtọ̀ tàbí ẹyin bá ń dá, ẹyọ kan péré ló ń lọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí, orí òfin yìí ló dúró lé. Òfin kejì ni pé jíìnì kan ò ń dúró de òmíràn kó tó pín, ìyẹn ò ní pọ̀ nínú ìdánwò tiwa, ẹ kan mọ̀ ọ́n.

3. Hẹmoglóbíìnì: AA, AS, SS

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀, torí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan.

Ohun tó fa S: lára ṣéènì bẹ́tà hẹmoglóbíìnì, ní ipò kẹfà, amínò ásíìdì kan tó ń jẹ́ glutámíìkì ló yẹ kó wà, valáìnì ló wá bọ́ síbẹ̀. Ẹyọ kan péré o. Orí kromosóòmù 11 ni jíìnì yẹn wà. Tí ọ́síjìn bá dínkù, hẹmoglóbíìnì S á máa so mọ́ra wọn bí okùn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ibẹ̀ ni ìrora kíráísìsì ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa ń lo bíi ọjọ́ 120, ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára wọn. Linus Pauling àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi hàn ní 1949 pé inú hẹmoglóbíìnì gan-an ni àìsàn SS yìí, ìyẹn síkúlù sẹ́ẹ̀lì, ti bẹ̀rẹ̀.

ÀTÚNṢE 1: mo kọ ọ́ sínú nóòtì mi pé "AS lè di SS tó bá dàgbà". Irọ́ ni, mi ò mọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Jẹnotáìpù kì í fúnra rẹ̀ yí padà.

ÀTÚNṢE 2: nóòtì mi ní A dómínáǹtì, ti yàráméètì mi ní kodómínáǹtì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Àwa méjèèjì la gbà á. Tó bá jẹ́ àìsàn lẹ̀ ń wò, S risẹ́sífù ni, torí ara AS máa ń le. Tó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń wò, AS ní hẹmoglóbíìnì A, ó tún ní S, méjèèjì ló ń hàn lórí tẹ́ẹ̀sì ẹlẹ́kitirofórésìsì. Tí ìbéèrè bá wá, ẹ kọ èyí tó béèrè.

AS tún máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le gan-an, ìdí tí alíìlì S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn ibà pọ̀ sí bíi ti ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Ìṣirò 1: AS fẹ́ AS

Ẹ kọ alíìlì bàbá sókè, ti ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ so wọ́n pọ̀:

```
       A     S
A     AA    AS
S     AS    SS
```

AA = 1/4, AS = 2/4, SS = 1/4.

Ìṣirò 2: àwọn tó kù

AS fẹ́ AA: ìdajì AA, ìdajì AS, kò sí SS. AS fẹ́ SS: ìdajì AS, ìdajì SS. AA fẹ́ SS: gbogbo ọmọ AS. AS fẹ́ AC, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé èyí: AA, AC, AS, SC, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, SC náà sì jẹ́ àìsàn síkúlù sẹ́ẹ̀lì, ẹ má kọ pé "kò séwu".

Ìṣirò 3: ọmọ mẹ́ta ńkọ́?

ÀTÚNṢE 3, èyí tó tóbi jù: nóòtì mẹ́ta nínú èyí tí mo kó jọ ló kọ ọ́ pé "25% túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin máa jẹ́ SS". Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní 1/4 tiẹ̀, èyí tó ti kọjá ò kan èyí tó ń bọ̀. Àǹtí mi kan ní Oǹdó bí SS lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò wá ń tù wọ́n nínú pé ó ti tán, pé èyí tó kù á dáa. Ìkejì AS. Ìkẹta tún jẹ́ SS. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé èyí kékeré nígbà ọyẹ́ tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, á di ìka mi mú, kò ní fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo lórí ìlà kan yìí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo mú kọ́ọ̀pù méjì, mo fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, pupa ni S. Mo dijú, mo mú ẹyọ kan látinú kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tó jáde, mo dá a padà, mo tún mú. Ìgbà ogójì. Pupa méjì jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ìgbà kan sì wà tó jáde lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀wà ò rántí ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ dán an wò tó bá ń rú yín lójú.

Ìbéèrè: AS méjì fẹ́ bí ọmọ mẹ́ta. Kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan á jẹ́ SS?

Ẹ má fi 1/4 lọ́nà mẹ́ta kí ẹ ní 3/4. Ẹ kọ́kọ́ wá ìṣeéṣe pé kò ní sí SS kankan:

```
3/4 x 3/4 x 3/4 = 27/64
1 - 27/64 = 37/64 = 57.8%
```

Ó ju ìdajì lọ.

4. Bùláàdì gúrúùpù

Karl Landsteiner ló ṣàwárí rẹ̀, 1901 ló gbé e jáde. Alíìlì mẹ́ta ló wà: A, B àti O. A àti B kodómínáǹtì, O risẹ́sífù sí àwọn méjèèjì. Nítorí náà gúrúùpù A lè jẹ́ AA tàbí AO, B lè jẹ́ BB tàbí BO, AB dá dúró, O gbọ́dọ̀ jẹ́ OO. Ẹ ṣọ́ra o: AA ti bùláàdì gúrúùpù yàtọ̀ sí AA ti jẹnotáìpù hẹmoglóbíìnì, lẹ́tà nìkan ló bára mu, jíìnì wọn ò jọra. Lẹ́kíṣọ́rà wa fẹ́ràn kó fi ibẹ̀ dán wa wò.

Ìṣirò 4: ìyá gúrúùpù A, bàbá gúrúùpù B, ọmọ gúrúùpù O. Ṣé ó lè jẹ́ ọmọ wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ jẹ́ OO, ìyá fún un ní O kan, bàbá fún un ní O kan, a jẹ́ pé ìyá jẹ́ AO, bàbá jẹ́ BO. AO àti BO lè bí AB, A, B tàbí O, 1/4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìdí yẹn sílẹ̀, máàkì wà fún un.

Tí bàbá bá jẹ́ AB tí ìyá jẹ́ O, ọmọ á jẹ́ A tàbí B, kò lè jẹ́ O, kò sì lè jẹ́ AB.

5. Èyí tó máa ń pa wá: 2/3

Ìbéèrè yìí jáde nínú tẹ́ẹ̀sì, èèyàn méjì péré ló gbà á. Bàbá àti ìyá ọkùnrin kan jẹ́ AS. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ SS, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn náà, kò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì. Kí ni ìṣeéṣe pé ó jẹ́ AS?

Ọ̀pọ̀ wa kọ 1/2, torí wọ́n wo àpótí òkè yẹn lódindi. Àmọ́ a ti mọ̀ pé kì í ṣe SS, ẹ fa ìlà sórí SS, ó ku mẹ́ta: AA kan, AS méjì. Ìdáhùn ni 2/3.

Apá kejì: ó fẹ́ obìnrin AS kan ní Alágbàká, ọkùnrin náà ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìṣeéṣe pé ọmọ wọn àkọ́kọ́ á jẹ́ SS?

```
2/3 x 1/4 = 1/6
```

Tó bá wá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tí èsì sì jáde ní AA, 1/6 yẹn á di 0. Tó bá jáde ní AS, á gòkè sí 1/4.