Ètò Ẹ̀kọ́: Láti Orí Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Dé Fìtílà Tó Ń Tàn Fúnra Rẹ̀ Bí Ilẹ̀ Bá Ṣú

Kíláàsì: Girama kékeré, ọdún kejì, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, Ìjẹ̀bú-Òde
Àkókò: Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ méjì tó tẹ̀léra, lẹ́yìn ìjáde ilé ìwé, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan
Iye akẹ́kọ̀ọ́: 24, mẹ́ta-mẹ́ta nídìí tábìlì kan
Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Wọ́n ti fi bátìrì tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì rí. Wọn kò tíì kọ kóòdù kankan.

Èròǹgbà

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fìtílà kan tó ń tàn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n sì lè sọ ìdí tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú kóòdù fi jẹ́ iye tó jẹ́. Èyí kejì ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ọmọ tó da kóòdù kọ láti ara pátákó yóò gbé fìtílà dé ilé, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Èròjà fún tábìlì kan

Adùínò Uno kan pẹ̀lú wáyà yúèsìbì rẹ̀, bọ́ọ̀dù oníhò, wáyà kéékèèké bíi mẹ́wàá, ẹ́lìídì pupa kan àti funfun kan, rẹsísítọ̀ 220 óòmù (ilà pupa, pupa, búráùn) àti ti 10,000 óòmù (búráùn, dúdú, ọsàn), rẹsísítọ̀ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní ojú, ike ìpara tó ti ṣófo tàbí ìdí ike omi, páálí, sẹ́lótéèpù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gba agbára sínú àwọn láptọ̀ọ̀pù láti àárọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NẸ́PÀ. Púpọ̀ nínú Adùínò tó wà lọ́jà jẹ́ àdàkọ tó ń lo ṣíìpù CH340, nítorí náà ẹ ti fi awakọ̀ rẹ̀, ìyẹn dráífà, sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ojú àwọn ọmọ, ìdajì àkókò ti lọ nìyẹn.

Ààbò: Ohun gbogbo níbí kò kọjá fóòtì 5. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi wáyà kan ihò iná ara ògiri. Kádímíọ̀mù wà nínú ojú náà, kí wọ́n má fi eyín gé e, kí wọ́n má fọ́ ọ wò.

Ọjọ́ kìíní: iná ń ṣẹ́jú

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ́lìídì sọ́wọ́, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Ẹsẹ̀ gígùn ń lọ sí ihò 9, kúkúrú ń gba inú rẹsísítọ̀ 220 lọ sí ihò GND. Bí wọ́n bá yọ rẹsísítọ̀ kúrò, iná tó ń kọjá yóò pọ̀ ju ohun tí ẹ́lìídì àti ihò 9 lè gbà lọ. Ẹ sọ ọ́ báyìí, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Wọn yóò ṣí Arduino IDE, wọn yóò sì tẹ èyí fúnra wọn, kì í ṣe pé kí ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́:

```
void setup() {
  pinMode(9, OUTPUT);
}
void loop() {
  digitalWrite(9, HIGH);
  delay(1000);
  digitalWrite(9, LOW);
  delay(1000);
}
```

Ó dájú pé ẹ ó gbọ́ “Àǹtí, tiwa ò tàn!” láti tábìlì kan. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé: ẹsẹ̀ gígùn ńkọ́? Àmì `;` tó máa ń wà ní òpin gbólóhùn kóòdù ńkọ́? Ṣé orí ilà kan náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí bọ́ọ̀dù? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, kí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí 1000 méjèèjì bá di 100, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, 5. Ní 5, iná kò jọ pé ó ń ṣẹ́jú mọ́. Ó kàn ṣàì mọ́lẹ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti dákẹ́ ìṣẹ́jú ni, tàbí ojú wa ni kò bá a mọ́. Kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Ẹ má tètè dá sí i.

Ọjọ́ kejì: fìtílà ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú

Ojú náà ń lọ láti 5V sí A0. Rẹsísítọ̀ 10,000 ń lọ láti A0 kan náà sí GND. Ibí ni wọ́n ti máa ń sọnù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Kóńgò gààrí márùn-ún ni a fẹ́ pín fún ẹni méjì: bí ẹni àkọ́kọ́ bá gba kékeré, ìyókù jẹ́ ti ẹnì kejì. Fóòtì 5 ni gààrí yẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí ojú, ìdènà inú rẹ̀ á wálẹ̀, ìpín tirẹ̀ á kéré, tí rẹsísítọ̀ kejì á sì pọ̀. Ìpín ti ẹnì kejì yìí ni A0 ń kà, láti 0 dé 1023.

```
void setup() {
  pinMode(9, OUTPUT);
  Serial.begin(9600);
}
void loop() {
  int imole = analogRead(A0);
  Serial.println(imole);
  delay(200);
}
```

Kí wọ́n ṣí Serial Monitor, kí wọ́n wo nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ìwé àti bírò: iye tó wà nídìí fèrèsé, lábẹ́ tábìlì, bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, bí a bá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án. Tábìlì ìdí fèrèsé yóò ní nọ́ńbà tó ga ju ti àwọn tó wà lẹ́yìn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà wọn síta kí wọ́n gbọ́ ọ. Kí tábìlì kọ̀ọ̀kan wá mú iye kan tó wà láàrin òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Bí wọ́n bá mú 300, ìlà tí wọn yóò fi kún un kí ó tó kan `delay` nìyí:

```
if (imole < 300) digitalWrite(9, HIGH);
else digitalWrite(9, LOW);
```

Ní báyìí, kí wọ́n fi ẹ́lìídì funfun rọ́pò pupa, kí wọ́n gbé ike bò ó, kí ojú náà wà nínú ike pẹ̀lú rẹ̀. Fìtílà lè bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, kú, tàn, kú. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ sórí ojú, ojú rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn kan yóò ká páálí yí ojú ká bí túùbù tó kọjú síta, ó dára. Àwọn tó bá yára lè fi nọ́ńbà méjì ṣe é, dípò ìlà méjì ti ìṣáájú:

```
if (imole < 300) digitalWrite(9, HIGH);
if (imole > 400) digitalWrite(9, LOW);
```

Láàrin 300 sí 400, fìtílà yóò dúró bí ó ti wà. Bí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ bá gbé nọ́ńbà kọjá 400, páálí nìkan ló kù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agolo mílíìkì ṣe ìdí fìtílà. Irin rẹ̀ yóò so ẹsẹ̀ wáyà pọ̀.

Ìgbéléwọ̀n

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, dáhùn ọ̀kan: Bí a bá pààrọ̀ ipò ojú àti rẹsísítọ̀ 10,000, kí ni nọ́ńbà yóò ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Kí nìdí tí tábìlì kejì fi lo nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí tiyín? Kò sí máàkì fún “Bí Àǹtí ṣe ní ká kọ ọ́ nìyẹn.”

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Fìtílà yóò lọ sílé pẹ̀lú ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, yóò sì yípo láàrin wọn. Kí wọ́n fi ṣájà fóònù gbé e, kì í ṣe páwà báǹkì: ọ̀pọ̀ páwà báǹkì máa ń pa ara rẹ̀ nítorí pé iná tí Adùínò ń fà kéré jù. Kí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí wọ́n kọ aago tó tàn ní ìrọ̀lẹ́ àti ohun tó tàn án tàbí tó pa á sódì, bí òjò tó ṣú lọ́sàn-án tàbí iná mọ́tò tó ń wọlé. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní kó tètè máa tàn, nọ́ńbà wo ni wọn yóò yí, sókè tàbí sísàlẹ̀? Kí wọ́n mú ìdáhùn wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.