Àyẹ̀wò fọ́tò aṣọ-òkè ìyàwó kó tó jáde

Gbé fọ́tò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tí a ti fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ aṣọ ìyàwó sí aṣọ-òkè, kí o sì fẹ àwọn méjèèjì dé 200%.

☐ Ojú: àwọ̀, ilà àti àmì ara kò gbọdọ̀ yí padà.

☐ Ọwọ́: ka ìka. Òrùka ńkọ́?

☐ Etí aṣọ: wo ibi tí gèlè ti kan irun, ọrùn bùbá àti ẹnu apá. Ìlà funfun tín-ín-rín níbẹ̀ jẹ́ àjẹkù fọ́tò àtijọ́. Pa á rẹ́.

☐ Aṣọ: ibí ni àṣírí ti sábà ń tú. Ìlà aṣọ-òkè gbọ́dọ̀ tẹ̀ níbi tí ìró ti ṣẹ́po. Bó bá lọ tààrà, á dà bíi bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara. Ojú ìránpọ̀ àwọn ọ̀já náà gbọ́dọ̀ hàn.

☐ Ìmọ́lẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tí òjìji imú wà ni ti gèlè gbọ́dọ̀ wà.

Bí ojú tàbí ọwọ́ bá kùnà, má fi ránṣẹ́ rárá.