Tóbi, ka ẹ̀yìn ike yẹn kó o tó sanwó

Tóbi, mo ti rí fọ́tò ike kíríátíìnì méjèèjì tó o fẹ́ máa lò kí iṣan ẹ lè lágbára, èyí tó o fi ránṣẹ́ lánàá, èrò ló pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mi ò fi tètè dá ẹ lóhùn, má bínú. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó ìkankan.

Gbàgbé iwájú ike ná. Ọkùnrin aláyà gbàgẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yà síbẹ̀ yẹn, ìpolówó ni. Yí i sẹ́yìn, wàá rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fa ìlà yí ká, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wàá kọ́kọ́ kà ni sáfíìnì sáìsì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ní kéèyàn lò lẹ́ẹ̀kan, àti iye ìgbà tí ike yẹn máa gbà ẹ́. Ike dúdú: 5 g lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 60, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 300 g. Ike pupa: 9 g lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 20 péré. O ní dúdú jẹ́ ₦36,000, pupa ₦24,000, o wá rò pé pupa ló dínwó. Pín in wò: dúdú ń jẹ́ ₦600 lójúmọ́, pupa ₦1,200. Ìlọ́po méjì nìyẹn o!

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ti dúdú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kíríátíìnì mónóháídírétì, kò sí nǹkan míì. Òun gan-an ni mo fẹ́ kó o rà torí òun ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù lọ nínú gbogbo oríṣi tó wà, àwọn tí wọ́n ń pè ní háídíróklóráìdì àbí bọ́fáàdì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi yẹn, kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé wọ́n ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Tó o bá rí ike míì lọ́jọ́ iwájú tó kọ 4.4 g síbi tó o ti ń retí 5 g, má pariwo pé wọ́n yàn ẹ́ jẹ, nínú 5 g mónóháídírétì, nǹkan bí 4.4 g ni kíríátíìnì gan-an, omi tó so mọ́ ọn ló kù.

Pupa ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ “bùlẹ́ńdì 6,000 mg” síbẹ̀, ìyẹn àdàlù 6 g, wọ́n wá to nǹkan mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀ láìsọ iye ìkọ̀ọ̀kan. Kíríátíìnì ibẹ̀ lè jẹ́ 4 g, ó lè jẹ́ 1 g, o ò lè mọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo rí kaféènì 250 mg. Ìwọ tó jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ lo ń lọ jíìmù, ìgbà wo lo fẹ́ sùn?

Wọ́n tún kọ ọ́ sára dúdú pé kó o lo 20 g lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Kò pọn dandan, ó sì lè dà ẹ́ nínú rú. 3 sí 5 g lójúmọ́ ti tó, iṣan ẹ máa kún láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kàn jẹ́ pé ó máa falẹ̀ díẹ̀. Òṣùwọ̀n lè fi kílò kan sí méjì lé e, omi inú iṣan ni.

Nọ́ńbà NAFDAC àti déètì ńkọ́? Fi èékánná yẹ déètì yẹn wò. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan gbé ike wá bá mi, bí mo ṣe họ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ báyìí ni déètì àtijọ́ yọ lábẹ́ ẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan tó ti kọjá. Inú mi bàjẹ́ torí ọmọ yẹn ti ń lò ó.

Ohun tí wọn ò kọ sí ike kankan nìyí, torí pé mo mọ̀ ẹ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ibúpúrófẹ̀ẹ̀nì tó o máa ń rà nítorí orúnkún yẹn, kíndìnrín ló ń bá ṣeré, mọ́mì ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wá kí n wọn ìfúnpá ẹ, kó o sì ṣe tẹ́ẹ̀sì kíndìnrín kó o tó bẹ̀rẹ̀, tó bá ní wàhálà kankan, a ò ní lò ó rárá. Tó o bá wá lọ ṣe mẹ́díkà iṣẹ́ tuntun yẹn lóṣù tó ń bọ̀, sọ fún dókítà pé ò ń lo kíríátíìnì, torí ó lè mú kí kíríátíníìnì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ kíndìnrín wò gòkè díẹ̀ bí kò tiẹ̀ sí nǹkan kan tó ṣe é.

Tó o bá ra dúdú, má fa bébà ẹnu ẹ̀ ya, gbé e wá kí n wò ó. Mo wà níbí títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan la ò ṣí.

Àǹtí Bùkí, ilé òògùn