Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí lórí jíìpù àti ọ̀kadà tó kọlura ní Sángo, Ìbàdàn

Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 46, àkàrà àti ògì ni mò ń tà, Ìyá Alákàrà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Ó ti tó ọdún 9 tí mo ti ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sángo, lẹ́nu àdúgbò kékeré kan tó já sí ọ̀nà tó ti Mọ́kọ́lá lọ sí Yunifásítì. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, kò sì sẹ́ni tó fún mi lówó.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni. Mo mọ aago torí pé kọsitọ́mà kan ṣe tiransifá fún mi, mo wo fóònù bóyá alát ti wọlé, 7:08 ló wà níbẹ̀. Ó máa tó ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kó tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, òjò rọ̀ lóru, títì ṣì tutù.

Ọlọ́kadà kan gbé ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù búlúù jáde látinú àdúgbò wa, wọ́n gba iwájú mi kọjá, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí mi, ó dúró lẹ́nu títì, mo rí i tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọjú sí agbada torí àkàrà fẹ́ jó. Torí náà mi ò rí ìgbà tó wọ títì, mi ò lè sọ bóyá ó wo ọ̀tún wo òsì kó tó wọ̀ ọ́.

Mo gbọ́ họ́ọ̀nù ẹ̀ẹ̀kan, ó gùn díẹ̀, kò pẹ́ rárá mo gbọ́ gbàà! Mi ò gbọ́ búréèkì, àmọ́ epo ń hó lọ́wọ́ mi, ó sì ń pariwo.

Nígbà tí mo yíjú, ọ̀kadà ti wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún jíìpù dúdú kan, imú jíìpù kọjú sí ọ̀nà Yunifásítì, iná iwájú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti fọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nọ́ńbà ẹ̀ ni BDJ, mi ò ka èyí tó kù. Ọlọ́kadà jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ òsì mú, ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣòkòtò ẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ó ń pariwo pé "Ẹsẹ̀ mi o, ẹ má fọwọ́ kàn án." Aṣíborí kan wà nílẹ̀, mi ò wo orí ẹ̀ nígbà tó ń kọjá níwájú mi, mi ò mọ̀ bóyá ó dé e. Ọmọ yẹn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ìgúnpá ẹ̀ ti bó, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè pé "Báàgì mi dà?" Mo fún un lómi.

Dẹ́rẹ́bà jíìpù sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin ni, kaftáànì funfun ló wọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Ó ní "Ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe ń wọ títì ni?" Àwọn èèyàn ń pariwo pé fóònù ló ń tẹ̀ lórí ìrìn, pé ó ti mutí. Èmi ò rí i kó tẹ fóònù lórí ìrìn, ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ ni mo rí i lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sún mọ́ ọn tó ìgbésẹ̀ méjì, mi ò gbóòórùn ọtí.

Ó wá ní "Ẹ jẹ́ n gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń bọ̀." Ó wọ jíìpù, ó wà á lọ sí ọ̀nà Yunifásítì, mò ń wò ó títí bọ́ọ̀sì kan fi dí mi lójú. Mo wà níbẹ̀ di aago 10 kọjá, mi ò rí i kó padà wá. Wọ́n ní ó sá lọ ni. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ọkùnrin méjì gbé ọlọ́kadà sínú Máíkírà, mo gbọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sí UCH. Mi ò tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé mo mọ ọlọ́kadà yìí lójú, ó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ orúkọ ẹ̀, ó sì dùn mí gan-an láti rí i báyẹn. Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe. Mo sọ fún ọlọ́pàá tó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà pé jíìpù yẹn ń sá eré àsápajúdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́, ohun táwọn èèyàn ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo tún sọ, ojú mi ò rí jíìpù náà rárá kó tó kọlù wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mo dúró sí gan-an, ẹ wá láàárọ̀ kí aago 10 tó lù, màá fi hàn yín.